Bá a ṣe ń ṣe purayọ́rítì ẹnkódà fún táǹkì omi, látorí tábìlì òótọ́ títí dórí géètì (ẹ má gbàgbé V o)

Táǹkì bùrọ̀dá mi n'Ìbàdàn ló jẹ́ kí n mọ ìwúlò V. Táǹkì yẹn wà lókè téńté lórí òpó irin, kò sẹ́ni tó fẹ́ máa gun àkàbà lójoojúmọ́ lọ yọjú wo inú ẹ̀, ni mo bá ní kí n ṣe nǹkan kékeré kan tó máa sọ fún wọn nísàlẹ̀ ibi tómi dé. Flótà mẹ́rin ni mo kì bọ inú ẹ̀, ọ̀kan nítòsí ìdí táǹkì, ọ̀kan lókè ìyẹn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dókè, mo so gbogbo ẹ̀ mọ́ ẹnkódà tí mo fọwọ́ ara mi tò, iná méjì wá ń tàn lára ògiri kíṣìnnì tó ń sọ nọ́ńbà láti 0 dé 3. Ó ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo wọn ń yìn mí. Àfi lọ́jọ́ tómi tán pátápátá, iná ò yí padà, 0 ló ṣì ń sọ, 0 tó ti ń sọ láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo sọ fún wọn ni pé 0 túmọ̀ sí pé omi ṣì kù díẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyàwó bùrọ̀dá mi ti fọṣẹ para tán kó tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ò jáde mọ́. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò fi V sí i, ìyẹn áútípútì tó ń sọ bóyá flótà kankan tiẹ̀ gbéra.

Torí náà ẹ jẹ́ ká ṣe é látìbẹ̀rẹ̀, ká ṣe é bó ṣe yẹ, ínpútì mẹ́rin, áútípútì méjì, pẹ̀lú V. Áísì méjì péré la máa lò.

Kí ló dé tí ẹnkódà lásán ò tó?

Tí ẹ bá ní ínpútì mẹ́rin, D0, D1, D2, D3, ẹ ò nílò wáyà mẹ́rin láti gbé ìròyìn wọn wá sísàlẹ̀, méjì tó, torí bíìtì méjì lè sọ nǹkan mẹ́rin: 00, 01, 10, 11. Iṣẹ́ ẹnkódà nìyẹn, kó wo ínpútì tó wà lórí 1, kó kọ nọ́ńbà ẹ̀ jáde. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ èèyàn rèé:

```
Y1 = D2 + D3
Y0 = D1 + D3
```

(Àmì + yẹn, OR ni, kì í ṣe ìṣirò. Àmì ' tẹ́ ẹ máa rí níwájú, NOT ni, àmì · sì ni AND.) Èyí dáa tó bá jẹ́ pé ínpútì kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí 1 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá wo táǹkì. Tómi bá ti dé flótà D2, ṣebí ó ti gba ọ̀dọ̀ D0 àti D1 kọjá, àwọn náà ti gbéra, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí 1. Ẹ fi D1 àti D2 sínú fọ́múlà òkè yẹn, Y1 á di 1, Y0 á di 1, 11 nìyẹn, ìyẹn 3, táǹkì ti kún. Bẹ́ẹ̀ D3 ò tíì fojú kan omi rárá.

Ohun tá a fẹ́ ni ẹnkódà tó mọ àgbà yàtọ̀. Tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, kí ohun táwọn ọmọdé ń sọ má wọlé mọ́. Purayọ́rítì tí wọ́n ń pè é nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tó jẹ́ àgbà

Kẹ́ ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí bébà pé flótà wo ni D mélòó. Nínú èyí tá à ń ṣe, D3 ni flótà tó wà lókè jù, òun ni àgbà, D0 ló wà nísàlẹ̀ jù, òun ló kéré jù. Tẹ́ ẹ bá gbé e sódì, kí D3 wà nísàlẹ̀, ńṣe lẹnkódà yín á máa sọ pé táǹkì kún nígbà tí omi ò ju ife méjì lọ, gbogbo géètì yín á sì pé, ẹ ò ní rí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀ bẹ́ ẹ bá wá a di alẹ́.

Ẹ sì rí i dájú pé flótà yín ń fún yín ní 1 nígbà tómi bá gbé e sókè. Àwọn flótà kékeré tó ń gun òkè gun ilẹ̀ lórí ọ̀pá ike yẹn, tẹ́ ẹ bá yọ bọ́ọ̀lù ẹ̀ tẹ́ ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ á yí padà, ibi tó ti ń kan tẹ́lẹ̀ á di ibi tó ti ń já. Mítà lẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Tábìlì òótọ́

Ínpútì mẹ́rin, ìyẹn ìlà 16. Ẹ lè kọ mẹ́rìndínlógún pé tẹ́ ẹ bá ráyè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà àtọmọdé yìí ló jẹ́ ká lè kó o pọ̀ sójú ìlà márùn-ún:

```
D3 D2 D1 D0 | Y1 Y0 V
 0  0  0  0 |  X  X 0
 0  0  0  1 |  0  0 1
 0  0  1  X |  0  1 1
 0  1  X  X |  1  0 1
 1  X  X  X |  1  1 1
```

Ibi X yìí ló máa ń dà wọ́n lójú rú, torí X méjì ló wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. X tó wà lápá ínpútì túmọ̀ sí "yálà 0 ni o, yálà 1 ni o, èsì kan náà ni". Torí náà ìlà kan tó ní X mẹ́ta lápá yẹn, ìlà mẹ́jọ ló dúró fún. Ẹ ka tiwa wò: ìlà tó kẹ́yìn jẹ́ 8, èyí tó wà lókè ẹ̀ jẹ́ 4, ìkẹta látìsàlẹ̀ jẹ́ 2, àwọn méjì tó kù jẹ́ 1, 1. Àpapọ̀ ẹ̀ 16. Tí tiyín ò bá pé 16, ìlà kan ti já sílẹ̀ níbì kan tàbí ẹ ti ka kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má lọ síwájú.

X tó wà lápá áútípútì ní tiẹ̀ túmọ̀ sí "kò kàn wá". Nígbà tí kò sí flótà kankan tó gbéra, a ò bìkítà ohun tí Y1 àti Y0 bá sọ, torí V ti wà lórí 0, V ti sọ pé ẹ má dá àwọn méjì yẹn lóhùn. Ẹ ṣáà wo ìlà kìíní àti ìkejì dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ bo V mọ́lẹ̀, tí X méjì yẹn bá wá bọ́ sí 00 (ó sì máa bọ́ síbẹ̀, ẹ máa rí i láìpẹ́), ìlà méjèèjì ò yàtọ̀ síra mọ́. Táǹkì tó gbẹ fọ́nfọ́n àti táǹkì tó ní omi díẹ̀ nísàlẹ̀, 00 ni wọ́n jọ ń sọ. Ohun tó ṣe ìyàwó bùrọ̀dá mi gan-an nìyẹn.

Láti tábìlì sí fọ́múlà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Y1, òun ló rọrùn jù. Ìlà méjì ló ti jẹ́ 1: ibi tí D3 bá wà, àti ibi tí D3 ò sí ṣùgbọ́n tí D2 wà. Tá a bá kọ ọ́ bó ṣe wà:

```
Y1 = D3 + D3'·D2
```

Ẹ wò ó dáadáa, D3' yẹn ò ṣiṣẹ́ kankan níbẹ̀. Tí D3 bá wà lórí 1, apá àkọ́kọ́ ti mú un, tí D3 bá wà lórí 0, D3' ti di 1, D2 nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀. A gé e dànù:

```
Y1 = D3 + D2
```

Y0 náà ní ìlà méjì tó ti jẹ́ 1, ti D3 àti ti D1. Àmọ́ kí D1 tó lè sọ̀rọ̀, D3 ò gbọ́dọ̀ sí, D2 náà ò gbọ́dọ̀ sí:

```
Y0 = D3 + D3'·D2'·D1
```

Bá a ṣe gé D3' lẹ́ẹ̀kan, a tún máa gé e. D2' ní tiẹ̀, ẹ ò lè gé e o, òun gangan ni purayọ́rítì tá à ń wá. Òun ló ń sọ fún D1 pé kó dákẹ́ nígbà tí D2 bá ti dé:

```
Y0 = D3 + D2'·D1
```

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn máàpù Kánọ̀, ẹ yà á, ibi kan náà lẹ máa bọ́ sí: ẹ máa rí agbo 8 tó jẹ́ ti D3, àti agbo 4 tó jẹ́ ti D2'·D1, méjì nínú mẹ́rin yẹn ti wà nínú agbo D3 tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí D3' lè já. Ẹ dé ibi X tó wà ní 0000, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi kún àwọn agbo wa yìí, kò sí èyí tó máa gbà á láìba nǹkan jẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ ní 0. Bí X ṣe bọ́ sí 00 nìyẹn.

Ó ku V. V ò le rárá, tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀, àgbà ni àbí ọmọdé, kó jẹ́ 1:

```
V = D3 + D2 + D1 + D0
```

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré lọ ra géètì OR ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. D3 + D2 yẹn, ṣebí a ti ní i, Y1 nìyẹn. Torí náà:

```
V = Y1 + (D1 + D0)
```

Ọgbọ́n àwòfín kan tí mo ní kẹ́ ẹ má ṣe

Ẹnì kan tó gbọ́n máa sọ pé, ah ah, táǹkì ṣáà ni, omi ò lè dé D2 kó má dé D0, torí náà nínú ìlà 16 yẹn, márùn-ún péré ló lè ṣẹlẹ̀: 0000, 0001, 0011, 0111, 1111. Àwọn 11 tó kù, ká fi X sí gbogbo wọn. Òótọ́ ni, tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, Y1 á di D2 lásán, V á di D0 lásán, kò sí géètì kankan nídìí wọn. Ó dùn ún wò. Àmọ́ lọ́jọ́ tí flótà D0 bá há, bóyá èérí ló lẹ̀ mọ́ ọn tàbí wáyà ẹ̀ já, V á máa sọ pé táǹkì ti gbẹ nígbà tómi ń dà sílẹ̀ lókè. Nínú èyí tá a ṣe, D0 lè kú pátápátá, níwọ̀n ìgbà tómi bá ti dé D1, V á ṣì wà lórí 1, nọ́ńbà á sì pé. Géètì OR méjì lẹ fi ra ìyẹn. Ní tèmi, mi ò ní gé e.

Ó yá, géètì

Ẹ ka ohun tá a nílò. OR ẹlẹ́sẹ̀ méjì: ọ̀kan fún Y1, ọ̀kan fún Y0, ọ̀kan fún D1 + D0, ọ̀kan fún V. Mẹ́rin géérégé, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú áísì 74HC32 kan. Ó ku D2'·D1, tó fẹ́ NOT kan àti AND kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n lọ ra 74HC04 nítorí NOT kan, kí wọ́n tún ra 74HC08 nítorí AND kan, géètì mẹ́jọ á wá jókòó láìṣiṣẹ́. Ẹ lo 74HC02, NOR mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. NOR máa ń jẹ́ 1 nígbà tí àwọn ínpútì ẹ̀ méjèèjì bá wà lórí 0 nìkan. Tẹ́ ẹ bá so ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ti di NOT. Tẹ́ ẹ bá wá fún òmíràn ní D2 àti D1', ó máa jẹ́ 1 nígbà tí D2 bá jẹ́ 0 tí D1' náà bá jẹ́ 0, ìyẹn ni pé D2 ò sí, D1 wà. Ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn. NOR kẹta, ẹ fi yí V padà kó lè tan iná pupa tí táǹkì bá ti gbẹ. Ìkẹrin ò níṣẹ́.

Wáyà rèé, ẹsẹ̀ áísì ni àwọn nọ́ńbà yẹn, P sì ni D1 + D0:

```
74HC32 (OR)
 1=D3    2=D2         3=Y1
 4=D3    5=NOR ẹsẹ̀ 4   6=Y0
 9=D1   10=D0         8=P
12=Y1   13=P         11=V
 7=0V   14=5V

74HC02 (NOR)
 2=D1    3=D1          1=D1'
 5=D2    6=ẹsẹ̀ 1       4=D2'·D1
 8=V     9=V          10=V' (iná pupa)
11=0V   12=0V         13=ẹ fi sílẹ̀
 7=0V   14=5V
```

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo 74HC02 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú 74HC32, 74HC08 àti ọ̀pọ̀ irú wọn, ẹsẹ̀ 1 àti 2 ni ínpútì, 3 ni áútípútì. Nínú 74HC02, ẹsẹ̀ 1 ni áútípútì! Mo ti so ó bíi ti 32 rí, mo gbé fóòtì 5 láti ara flótà lọ fún ẹsẹ̀ 1, géètì ń fà á wálẹ̀ sí 0, flótà ń fà á sókè sí 5, nígbà tí mo fọwọ́ kan áísì náà ńṣe ló ta mí lọ́wọ́. Mo yọ ọ́, ó ti jóná. Tí áísì yín bá ń gbóná nínú iṣẹ́ kékeré báyìí, ẹ pa iná ẹ̀ kíá, áútípútì kan ń bá nǹkan jà níbì kan.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: flótà kọ̀ọ̀kan, ojú kan lọ sí 5V, ojú kejì lọ sí ínpútì, kẹ́ ẹ wá fi rẹsístọ̀ fa ínpútì yẹn wálẹ̀ sí 0V. Lórí tábìlì, 10k dáa. Ti bùrọ̀dá mi, wáyà gùn látòkè wá sílé, 2.2k ni mo lò kí wáyà gígùn má baà máa gbá ariwo iná wọlé. Ẹ fi kapásítọ̀ 100nF kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ áísì kọ̀ọ̀kan, láàárín 14 àti 7, kó sún mọ́ ọn gidi. Iná lẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, rẹsístọ̀ 1k, kẹ́ ẹ má lọ lo 220 torí pé ẹ fẹ́ kó mọ́lẹ̀ yòò, géètì 74HC lásán ò fẹ́ kéèyàn fa ju míliámúpù 4 lọ lára òun, pàápàá Y1 tó tún ń bọ́ géètì mìíràn. Iná 5 fóòtì nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú táǹkì o, iná NEPA ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gun àkàbà

Ẹ fi wáyà kúkúrú ṣe flótà lórí búrẹ́dìbọ́ọ̀dù. Ẹ ò so nǹkan kan: iná pupa gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ so D0 mọ́ 5V: iná pupa á kú, Y1 àti Y0 ò ní tàn. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń rò pé ó bà jẹ́, kò bà jẹ́ o, 00 nìyẹn, V ló yí padà. Ẹ fi D1 kún un, Y0 á tàn. Ẹ fi D2 kún un, Y0 á kú, Y1 á tàn. Ẹ fi D3 kún un, méjèèjì á tàn.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣe àwọn tí táǹkì gidi ò ní ṣe: D3 nìkan, D2 nìkan, D3 pẹ̀lú D0. Àmọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù ni D1 pẹ̀lú D2. 10 ló gbọ́dọ̀ sọ. Tó bá sọ 11, D2 ò dé ẹsẹ̀ 5 ti NOR, ẹnkódà yín ti di ẹnkódà lásán. Tó bá jẹ́ pé Y0 ń tàn nígbà tí kò sí nǹkan kan, tó wá ń kú nígbà tẹ́ ẹ bá fi D1 sí i, ẹ ti mú D1 lọ fún ẹsẹ̀ 6 tààrà, ẹ ò gba inú NOT kọjá. Tí iná bá ń yí padà nígbà tẹ́ ẹ bá kàn na ọwọ́ sún mọ́ wáyà, láìfọwọ́ kàn án pàápàá, ínpútì kan ló ń léfòó, rẹsístọ̀ ẹ̀ ò kan gíráùǹdù. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ so ẹsẹ̀ 11 àti 12 mọ́ 0V náà nìyẹn, ínpútì áísì irú èyí ò gbọ́dọ̀ wà láìní ibi tó fara tì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí máíkírókọ́ńtírólà kà á

Tó bá jẹ́ iná lásán lẹ fẹ́, ẹ lè dá dúró síbí. Tó bá jẹ́ nǹkan tó yára ló máa ka Y1, Y0 àti V, ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tí tábìlì òótọ́ ò ní sọ fún yín.

Géètì 74HC kan lórí 5 fóòtì máa ń jẹ bíi nánósẹ́kọ́ńdì 8 kó tó dáhùn, ó lè jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ká ní táǹkì gbẹ, omi wá dé, ká tún ní D0 ti há bí mo ṣe sọ lókè, D1 ló kọ́kọ́ gbéra. Ìròyìn D1 máa gba géètì méjì kó tó dé V (D1 + D0, lẹ́yìn náà V fúnra ẹ̀). Àmọ́ kó tó dé Y0, ó máa gba mẹ́ta: NOT, NOR, OR. Ṣé ẹ ti rí i? V ti dé 1, Y ṣì wà lórí 00, fún bíi nánósẹ́kọ́ńdì 8. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà lójú ẹsẹ̀ tí V gbéra á ka 0 dípò 1.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ, V ò tiẹ̀ mọ̀ nípa ẹ̀. Omi wà ní D1, ó wá dé D2. Y1 gba géètì kan ṣoṣo, ó ti di 1. Y0 gba méjì kó tó kú. Láàárín yẹn, 11 ló wà níbẹ̀, ìyẹn táǹkì kún. V ń wo, V wà lórí 1 látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí D1 ò kúrò níbẹ̀. Tí omi bá ń lọ sílẹ̀ láti D2 sí D1, òdì ẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀, ó máa kọjá lára 00. Torí náà ẹ má fi V ṣe kílọ́ọ̀kì, ẹ má sì gbà pé V = 1 túmọ̀ sí pé Y ti jókòó dáadáa. V ń sọ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ ni, kò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ kà á, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un kà, tí méjèèjì bá bára mu kẹ́ ẹ tó gbà á. Nínú táǹkì ẹ lè dúró ìdajì sẹ́kọ́ńdì, torí nígbà tí pọ́ọ̀ǹpù bá ń da omi, omi á máa rú, flótà á máa jó sókè sódò, ìyẹn pọ̀ ju ti nánósẹ́kọ́ńdì lọ fíìfíì. Iná tẹ́ ẹ bá fojú ara yín rí tó ń ṣẹ́jú, omi ló fà á, kì í ṣe géètì.

Tó bá ju mẹ́rin lọ ńkọ́?

Ìlànà kan náà ni. Tó bá di mẹ́jọ, bíìtì mẹ́ta, ẹ lè tò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe wàhálà yẹn, 74HC148 wà tó ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán nínú áísì kan ẹlẹ́sẹ̀ 16. Ohun kan ṣoṣo tó máa da yín láàmú nínú ẹ̀ ni pé òdì ló ń sọ: ínpútì ẹ̀ fẹ́ 0, kì í ṣe 1, áútípútì ẹ̀ náà wà lódì, tí ínpútì 7 tó jẹ́ àgbà bá sọ̀rọ̀, 000 lẹ máa rí, tí ínpútì 0 bá sọ̀rọ̀, 111. Tí kò bá sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, 111 náà ni. Ọ̀fìn kan náà tá a bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀. V tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní GS, ẹsẹ̀ 14, òun náà wà lódì, 0 ló ń sọ tí ẹnì kan bá wà níbẹ̀. Nítorí náà flótà yín á máa fà sí 0V, rẹsístọ̀ á máa fà sókè sí 5V. Ẹsẹ̀ 5 tí wọ́n kọ EI sí, ẹ so ó mọ́ 0V. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ 5V, áísì náà á kàn máa sùn ni, 111 ló máa sọ títí, GS ò ní kúrò lórí 1, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan flótà kọ̀ọ̀kan lókè àkàbà, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣe nǹkan kan.